Wọ́n ní àwọn ti dá owó padà, àkáǹtì kò sì fi hàn: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò béèrè

Ká ní aránṣọ kan ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ra máṣíìnì ìránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 2024. N240,000 ni wọ́n tà á fún un, káàdì ló sì fi sanwó lórí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì. Nígbà tó délé, máṣíìnì náà kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 11 ló gbé e padà, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ṣèlérí pé òun yóò dá owó rẹ̀ padà fún un. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò rí kọ́bọ̀. Nígbàkígbà tó bá pè wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ẹ ní sùúrù mà, a ti san án, báńkì yín ló ń fi falẹ̀."

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í nìyí. Wọ́n á sáré lọ sí báńkì wọn, wọ́n á ní owó àwọn há sórí pí-ó-ẹ́ẹ̀sì. Báńkì á yẹ ìwé wò, á rí i pé owó ọjọ́ 7 dé ọwọ́ ẹni tó tajà, á sì ní kò sí ohun tó ṣe é. Lóòótọ́, lọ́dún 2020, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé bí pí-ó-ẹ́ẹ̀sì bá yọ owó oníbàárà, tí ìsanwó náà kò sì yọrí, wákàtí 72 ni kí wọ́n fi yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsanwó ti aránṣọ yìí yọrí. Ọjà ni kò dáa. Owó tí ọlọ́jà bá ń dá padà, ìsanwó tuntun ni. Títí ọlọ́jà yóò fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, báńkì oníbàárà kò ní rí ohunkóhun wá.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà wo lẹ gbà san án, ọjọ́ wo, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀?

Bó bá jẹ́ pé orí káàdì ni wọ́n dá a padà sí, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RRN ni kó béèrè. Nọ́ńbà 12 ni. Kó fi wé èyí tó wà lórí rìsíìtì ọjọ́ 7. Bí méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, rìsíìtì ọjà tó rà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe ti owó tó ń padà bọ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì, Session ID ni kó béèrè. Nọ́ńbà 30 ni, ọjọ́ tí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Kó fo mẹ́fà àkọ́kọ́, kó ka mẹ́fà tó tẹ̀ lé e: ọdún, oṣù, ọjọ́.

Ká ní wọ́n fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ sí aránṣọ wa lọ́jọ́ 21, tó ka nọ́ńbà náà, tó sì bá 240603 níbẹ̀. Ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2024 nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, kò tíì ra máṣíìnì, áḿbọ̀sì pé ó dá a padà. Owó ẹlòmíràn ni rìsíìtì yẹn wà fún. Bó bá fi èyí han ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ "báńkì yín ló ń fi falẹ̀" tán nìyẹn. Ó lè jẹ́ àṣìṣe ọmọ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì san owó.

Bí ọjọ́ àti iye owó bá bára mu, ìgbà yẹn ni kó mú nọ́ńbà náà lọ sí báńkì rẹ̀. Ṣáájú èyí, kó ka àkọsílẹ̀ àkáǹtì tí káàdì yẹn wà fún láti ọjọ́ ìlérí, nítorí álẹ́ẹ̀tì lè má wọlé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù sì lè má hàn lára owó tó wọlé. Bí báńkì rẹ̀ kò bá rí i, báńkì ọlọ́jà ló gbọ́dọ̀ wá a láti ibi tó ti jáde. Ọlọ́jà ló sì máa lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀.

Bí ọlọ́jà bá kọ̀ láti mú nọ́ńbà kankan wá ńkọ́? Kí oníbàárà kọ̀wé sí báńkì rẹ̀ pé ọlọ́jà ṣèlérí owó, kò sì san án, kó so rìsíìtì àti ìlérí náà mọ́ ọn. Fún káàdì Físà àti Másítákáàdì, wọ́n sábà máa ń dúró ọjọ́ 15 kí wọ́n tó gba irú ẹ̀sùn yìí, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 120. Ìdí rèé tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìlérí fi sàn ju ìlérí ẹnu lọ: ó ní ọjọ́ lára. Bí báńkì kò bá dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹjọ́ ọlọ́jà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ FCCPC ló ń lọ, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ fún ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Títí owó náà yóò fi wọlé, kí aránṣọ kọ N240,000 sínú ìwé gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, kó má kà á mọ́ owó tí yóò fi ra aṣọ.