Ẹ̀jẹ̀ Kíkán Lẹ́yìn Oògùn Ìfètò-sọ́mọ-bíbí: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kó Dúró?

Orúkọ tí à ń pè é, nǹkan oṣù, ti sọ ìgbà tó yẹ kó wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá yọ láàárín oṣù, orúkọ ò sí fún un mọ́. Obìnrin á kàn sọ pé, "Nǹkan oṣù mi ti dàrú," nọ́ọ̀sì ò sì ní mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí ó ń kán lásán. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo máa pè é ní ẹ̀jẹ̀ kíkán. Oògùn oníhóró tí à ń lò lójoojúmọ́, tó ní oríṣi họ́móònù méjì, ni mo sì máa fi ṣàlàyé.

Họ́móònù inú oògùn náà máa ń jẹ́ kí awọ inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ara tó mọ́ra, awọ náà lè máa já díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa jò. Èyí ò túmọ̀ sí pé oògùn ò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tó ń lo káàdì oníhóró 28: hóró 21 ní họ́móònù, 7 ìyókù ò ní. Ní káàdì kìíní, ẹ̀jẹ̀ kán sí pátá rẹ̀ láti ọjọ́ kẹwàá sí ọjọ́ kẹtàlá. Ní káàdì kejì, ọjọ́ méjì péré ni. Ní káàdì kẹta, kò rí nǹkan kan àfi ìgbà tó dé orí hóró 7 yẹn, ìyẹn ìgbà tó yẹ kó rí i. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn: ó ń dín kù, ó sì ń dáwọ́ dúró láàárín oṣù mẹ́ta. Ká ní ó jáwọ́ ní káàdì kejì nítorí ìbẹ̀rù ni, ó lè lóyún.

Bí ó bá kọjá oṣù mẹ́ta, tàbí tó dáwọ́ dúró tó tún padà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ara yín ni pé: ṣé mo fo hóró kan? Ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù. Èébì àti àwọn oògùn kan, bíi rifampísìn tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, náà lè fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàyẹ̀wò oyún, kí ẹ sì lọ rí nọ́ọ̀sì, torí àrùn ojú ara náà lè fà á.

Ẹ má fi oṣù mẹ́ta yìí wọn ti abẹ́ awọ apá o. Ti ìyẹn lè máa wá ségesège fún ìgbà pípẹ́, àwọn mìíràn ò sì ní rí i dúró títí wọ́n á fi yọ ọ́.

Àmọ́ ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún páàdì kan ní wákàtí kan, tí inú bá ń ro yín gan-an, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ pé ó dàrú. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye páàdì, àti hóró tí ẹ fò.