Kí o tó kó ọjà àwìn fún ilé-iṣẹ́ yẹn

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàgámù ní kí o máa kó páálí wá, kí o sì dúró fún 90 ọjọ́ kí wọ́n tó sanwó. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi náà kó páálí fún ilé-iṣẹ́ kan tí ìwé èrè àti àdánù rẹ̀ dára púpọ̀. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, oṣù mọ́kànlá ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ kí owó mi tó jáde. Èrè nìkan ni mo wò, n kò ṣí ojú ìwé kejì.

Ojú ìwé kejì yẹn ni ìwé ohun-ìní àti gbèsè. Ìwé èrè ń sọ bí ọjà ṣe lọ jálẹ̀ ọdún. Ìwé kejì yìí ń sọ ohun tí wọ́n ní àti ohun tí wọ́n jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Mú bírò, ká fi ilé-iṣẹ́ kan tí mo kàn fọkàn dá ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun-ìní wọn tó lè di owó láàárín ọdún kan jẹ́ ₦300 mílíọ̀nù. Gbèsè tí wọ́n gbọ́dọ̀ san láàárín ọdún kan náà jẹ́ ₦250 mílíọ̀nù. Fi 250 pín 300, yóò fún ọ ní 1.2. Ìyẹn ni pé fún náírà kan tí wọ́n jẹ, ₦1.20 wà nílẹ̀. Ibí yìí ni mo ti fọkàn balẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ṣìṣe.

Tú ₦300 mílíọ̀nù yẹn wò. ₦130 mílíọ̀nù jẹ́ ọjà tí wọn kò tíì tà, ₦150 mílíọ̀nù wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó jẹ wọ́n, ₦20 mílíọ̀nù péré ni owó gidi. Yọ ọjà tí wọn kò tíì tà kúrò, ó ku 170. Fi 250 pín in: 0.68. Kọ́bọ̀ 68 ló kù fún náírà kan, tí gbogbo oníbàárà bá tilẹ̀ san gbèsè wọn. Báńkì tó yá wọn lówó sì ti gba ohun ìdógò, òun ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni àwa tí a kó páálí wá máa ń wà.

Má fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo ènìyàn o. Búrẹ́dì kì í pẹ́ nílẹ̀, owó rẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́, nítorí náà 0.68 lè má pa oníbúrẹ́dì lára. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń sùn sí ilé ìkẹ́rùsí fún oṣù mẹ́rin ni kí o bẹ̀rù.

Lẹ́yìn èyí, wo bí gbèsè ṣe wúwo tó. Padà sí ìwé èrè, wá èrè iṣẹ́ kí wọ́n tó yọ èlé kúrò. Bó bá jẹ́ ₦48 mílíọ̀nù, tí èlé sì jẹ́ ₦40 mílíọ̀nù, fi 40 pín 48, 1.2 ni. Bí ọjà bá ṣòro díẹ̀ báyìí, èlé ti gba gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Èlé nìkan kọ́ ló ń mú gbèsè wúwo. Wo Nestlé Nàìjíríà, tó ní ilé-iṣẹ́ ní Flowergate, ní Ṣàgámù tiwa níbí. Ní 2023, wọ́n ta ọjà tó tó nǹkan bíi ₦547 bílíọ̀nù, èrè iṣẹ́ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦123 bílíọ̀nù. Síbẹ̀, àdánù tó lé ní ₦79 bílíọ̀nù ni wọ́n fi parí ọdún. Owó dọ́là ni wọ́n yá. Náírà tó wà ní bíi 460 sí dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ti kọjá 900 nígbà tó parí, bí gbèsè dọ́là ṣe wú nínú ìwé náírà nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ yá kọ́bọ̀ kún un. Àdánù yẹn jẹ owó àwọn onípìn-ín tán, owó náà sì lọ sí ìsàlẹ̀ òdo.

Nígbà tí owó onípìn-ín bá ti wà ní ìsàlẹ̀ òdo, má fi pín gbèsè mọ́, bí a ṣe máa ń ṣe láti mọ bí gbèsè ṣe wúwo tó. Iye tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni yóò jáde, kò sì ní sọ ohunkóhun fún ọ. Bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ta ni wọ́n jẹ, owó wo sì ni? Ìyá ilé-iṣẹ́ Nestlé ní òkè òkun ló yá wọn ní púpọ̀ nínú owó dọ́là yẹn, ìyá kì í sì í lé ọmọ rẹ̀ bíi báńkì. Àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò lo ti máa rí ìdáhùn, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé.

Ohun kan tún wà. Nítorí pé ọjọ́ kan ni ìwé yẹn ń fi hàn, àwọn kan máa ń lé owó wọlé kí ọdún tó parí, kí ojú ìwé lè mọ́. Gba ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta mọ́ ọn, kí o fi wé ara wọn.

Fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí mi kí o tó kó páálí àkọ́kọ́ jáde. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún ọ, ìdajì owó ni kí wọ́n san sílẹ̀.