Ibi Tí Ó Yẹ Kí Owó Ìpolówó Yín Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù ní Ìdímù, Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ẹ fetí sí mi. Bí mo bá bi yín pé oníbàárà mélòó lẹ ní, ẹ máa ń dá mi lóhùn kíá. Bí mo bá tún bi yín pé irú èwo nínú wọn ló ń pẹ́ lọ́dọ̀ yín, tí èló sì ń kù sọ́wọ́ yín lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó tó lọ, ọ̀pọ̀ yín a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn yẹn ló yẹ kó sọ ibi tí owó ìpolówó yóò lọ.

1. Ẹ má fi iye tí oníbàárà san ṣe ìṣirò; èyí tó kù lẹ́yìn ìnáwó ni kí ẹ fi ṣe é. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń san ₦6,000 lóṣù. Ẹ yọ owó dátà tí ẹ rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì, owó ẹni tó ń gun òpó, àti èyí tí báńkì gé. Bí ó bá ku ₦2,000, ₦2,000 yẹn nìkan ni ẹ ó máa kà.

2. Oníbàárà tó ń sanwó ṣáájú kì í wá dágbére. Owó rẹ̀ kàn kò ní wọlé mọ́ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó pinnu ọjọ́ tí ẹ ó kà á sí ẹni tó ti lọ. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró fún 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí èyí tó san bá tán. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbé ní agbègbè wa máa ń lọ sílé nígbà ìsinmi, wọ́n a sì padà. Ẹ kọ àwọn tó padà sọ́tọ̀, torí ẹ kò náwó tuntun láti fà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àwọn tó wọlé ní oṣù kan náà sójú ewé kan. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́, kí ẹ sì máa ka iye tó tún san ní oṣù kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ọ̀wọ́ wo? Ẹ má kàn pín wọn sí ọkùnrin àti obìnrin, tàbí sí ọjọ́ orí, torí pé ó rọrùn láti kọ. Ohun tó mú wọn nílò íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ máa dúró bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ẹni tó kàn fẹ́ fi wo fíìmù. Ọ̀wọ́ tí ẹ kò bá sì lè polówó fún lọ́tọ̀ kò wúlò fún ìṣirò yìí.

3. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, iye tí mo fọkàn dá ni o. Ẹ ní ₦600,000 fún ìpolówó. Ó ń ná yín ní ₦3,000 láti fa akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ₦15,000 láti fa ṣọ́ọ̀bù kan: kẹ́míìsì, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Nínú iye yìí, ẹ ti ka owó ọmọ tó ń rìn kiri, ìwé ìpolówó, ẹ̀dínwó, àti ọ̀sẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ẹ fún wọn, ẹ sì pín in fún àwọn tó sanwó nìkan. Àwọn tó gba ìwé ìpolówó lọ́wọ́ yín ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Ìdímù kò sí níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ₦2,000 sílẹ̀ lóṣù. Nínú 100, 25 ń lọ lóṣooṣù. Bí ẹ bá fi 25 pín 100, ẹ ó rí i pé oṣù 4 ni ọ̀kan ń lò lọ́dọ̀ yín, bí a bá dá gbogbo wọn pọ̀. ₦8,000 nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ń fi ₦5,000 sílẹ̀, 5 péré ló ń lọ nínú 100, ọ̀kan sì ń lo oṣù 20. ₦100,000 nìyẹn.

₦600,000 yóò fa akẹ́kọ̀ọ́ 200 tàbí ṣọ́ọ̀bù 40. Èrò akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, inú ọ̀dọ́ oníṣòwò sì máa ń dùn sí èrò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá yọ owó ìpolówó, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú mílíọ̀nù kan náírà wá, ṣọ́ọ̀bù yóò mú mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ó dín ₦100,000.

4. Ẹ má tíì yọ̀. Oṣù 20 yẹn, ta ló ti rí i nínú yín? Bí iṣẹ́ yín kò bá tíì pé ọdún kan, àlá ni. Ẹ gé ìṣirò sí oṣù 12. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì mú bí ₦950,000, torí gbogbo ohun tí wọ́n máa san ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán. Ti ṣọ́ọ̀bù já sí bíi mílíọ̀nù kan ó lé ₦240,000. Ó ṣì ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí.

Ẹ tún wo ìgbà tí owó yín yóò padà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ń padà ní oṣù kejì, ti ṣọ́ọ̀bù ní oṣù kẹrin. Ẹni tó yáwó lọ́wọ́ alájọ tí yóò dá a padà lẹ́yìn oṣù méjì kò lè dúró de ṣọ́ọ̀bù, bó ti wù kí èrè wọn pọ̀ tó.

5. Ẹ má ṣe da ọ̀wọ́ pọ̀ nínú ìṣirò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 200 àti ṣọ́ọ̀bù 40 bá wọlé pọ̀, bíi 22 nínú 100 ló máa lọ ní oṣù kìíní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, yóò ti sún sí bíi 16. Ọ̀gá á rò pé iṣẹ́ òun ti dára sí i, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ohun tó yí padà. Àwọn tó ń yára lọ ló ti lọ tán, tí ó ku àwọn tó ń pẹ́.

6. Kí ìnáwó máa tẹ̀lé èrò dípò èrè ti ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá níbí. iROKOtv, tó ń fi fíìmù ilé hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Jason Njoku àti Bastian Gotter dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2011. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, tí àárò fíìmù ilé ń sọ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń sanwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ilẹ̀ Áfíríkà: wọ́n ṣe ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì gbé àgọ́ kalẹ̀ ní Èkó kí ènìyàn lè gba fíìmù sórí fóònù láìjẹ dátà. Èrò pọ̀ níbí lóòótọ́. Àmọ́ náírà ni àwọn tó wà nílé fi ń san, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi pọ́n-ùn san, náírà sì ń jábọ́ láti 2016. Ní oṣù kẹjọ 2020, wọ́n dá ìnáwó ìdàgbàsókè dúró ní Áfíríkà, òṣìṣẹ́ 150 sì pàdánù iṣẹ́. Wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ará òkè òkun. Mo káàánú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn gidigidi. Ìnáwó tí a gbé lé ọ̀wọ́ tí èrè rẹ̀ kò lè gbé e, òṣìṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ san án.

7. Ẹ má sì torí èyí kó gbogbo owó lé ṣọ́ọ̀bù títí lọ. Ṣọ́ọ̀bù ojú títì Ìdímù sí Ìkòtún níye. Àwọn 40 àkọ́kọ́ tètè gbà. Ẹni tó kàn yóò béèrè ẹ̀dínwó, ọmọ yín yóò sì lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ máa kọ iye tí ẹni tó wọlé kẹ́yìn ná yín, ẹ yé wo ti gbogbo wọn lápapọ̀. Ní oṣù 12, ṣọ́ọ̀bù kan ń mú bíi ₦46,000 wá. Ọjọ́ tí fífa ṣọ́ọ̀bù tuntun kan bá sún mọ́ iye yẹn, kò sí èrè níbẹ̀ mọ́ láàárín ọdún náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi ₦3,000 fà sì ti sàn jù ú lọ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó débẹ̀. Ẹ gbé èyí tó kù nínú owó náà lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgándò.