Kí O Tó Da Wáìnì Pupa Sínú Jọ́ọ̀gì

Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ gbé wáìnì pupa síwájú àlejò, kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lára ìgò. Ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la fi ń da wáìnì sínú jọ́ọ̀gì dígí, ọdún yẹn ni yóò sì sọ èyí tó kàn ọ́.

Jẹ́ ká mú wáìnì Bọ̀dó ti ilẹ̀ Faransé tí wọ́n fi àjàrà Kabẹnẹ́ Sofinyọ́n ṣe. Bó bá jẹ́ ti 2020, ó ṣì kéré. Tọ́ ọ wò bí o bá ṣe ń ṣí i, yóò gbẹ ọ́ lẹ́nu bí ẹni jẹ obì. Táníìnì inú èèpo àti kóró àjàrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irú èyí ni afẹ́fẹ́ ń ṣe lóore: ẹnu á gbà á, òórùn èso á jáde, òórùn bí ìṣáná tó máa ń wà nínú àwọn ìgò kan á sì fò lọ. Má kàn yọ ìdérí kí o fi í sílẹ̀ o. Ọrùn ìgò ti tóóró jù. Da gbogbo rẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì tó fẹ̀ nídìí. Bí ẹ ó bá jẹun ní aago méje, ṣí i ní aago márùn-ún, kí o máa tọ́ ọ wò láàárín ìgbà náà. Ìgbà tó bá ti dùn mọ́ ọ lẹ́nu, ó tó. Bí ilé bá móoru, gbé jọ́ọ̀gì náà sí fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún.

Ti 1996 kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ lè gbé òórùn rẹ̀ lọ kí àlejò tó jókòó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lò ń yọ níbẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, táníìnì àti àwọ̀ pupa wáìnì ń so pọ̀, wọ́n ń wúwo, wọ́n sì ń rì sísàlẹ̀ ìgò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí kò ní kí wáìnì bàjẹ́, kò sì lè pa ọ́ lára. Ó kàn korò, ó sì dà bí iyanrìn lẹ́nu ni. Bí àsè bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, gbé ìgò náà nàró láti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ṣí i pẹ̀lẹ́, tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọrùn ìgò, kí o rọra máa dà á láìdáwọ́ dúró. Bí o bá ti rí nǹkan dúdú tó ń bọ̀ ní èjìká ìgò, gbé e dìde. Fi ìyókù sílẹ̀, má ṣe dà á sínú jọ́ọ̀gì. Ẹ mu èyí tó wà nínú jọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wáìnì, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí àgbà, bá ń run bíi páálí tí òjò pa, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́. Kò sí iye wákàtí tí yóò mú òórùn yẹn lọ, nítorí náà, ṣí ìgò mìíràn.