Ọ̀dùnkún Òyìnbó Tí Ó Hù Tàbí Tí Ó Di Àwọ̀ Ewé: Ìgbà Wo Ni Kò Ṣeé Sè Mọ́?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìtàn. Ohun tí ó wà nínú àpò lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ìyá máa ń bi wá pé: "Alfa, iṣu yìí ti hù, ṣé a ṣì lè sè é? Pòtétò yìí ti ń di àwọ̀ ewé, ṣé kí a kàn bó o kí a sì dín in?" Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì kò dọ́gba, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó hù ni ó ní májèlé

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn oúnjẹ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣu funfun tí a ń gún ní iyán, bí ó bá yọ ẹ̀hù, ẹ̀hù náà kò sọ ọ́ di májèlé. Oúnjẹ tí ó wà nínú iṣu ni ẹ̀hù fi ń dàgbà. Nítorí náà iṣu máa ń fúyẹ́, ó máa ń rọ̀, adùn rẹ̀ sì máa ń dín kù. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi máa ń ṣẹ́ ẹ̀hù kúrò lára iṣu tí ó wà nínú àká. Ohun tí ó ń ba iṣu jẹ́ ni ìjẹrà. Bí ara rẹ̀ bá di rọ̀gbọ̀dọ̀ tí ó sì ń rùn, kí a sọ ọ́ nù.

Ẹ̀gẹ́ ní májèlé tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti oko ni ó ti gbé e wá, kì í ṣe pé ó hù ni ó fà á, kò sì sí àwọ̀ tí ó lè fi í hàn wá. Rírin, fífi sílẹ̀ kí ó kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan ni a fi ń lé e jáde nígbà tí a bá ń ṣe gààrí. Àwọn ìlà dúdú tí ń hàn nínú ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a wú u, àmì pé ó ti ń bàjẹ́ ni. Èyí tí ó bá korò lẹ́nu, kí a má ṣe sè é jẹ bí iṣu.

Ànàmọ́ tí ó dùn náà lè hù láìsí ewu, nítorí àwọn ènìyàn ń jẹ ewé rẹ̀ pàápàá. Èyí tí kòkòrò ti jẹ tàbí tí ó ti bu, tí ó sì korò, òun ni kí a yẹra fún.

Ó wá ku ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí a ń pè ní pòtétò, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti agbègbè Jos wá sí ọjà wa. Òun ni ẹ̀hù àti àwọ̀ ewé ti jẹ́ àmì ewu gidi, òun sì ni a ó fi ìyókù ẹ̀kọ́ yìí ṣàlàyé.

2. Kí ni ó wà nínú rẹ̀?

Gbogbo pòtétò ni ó ní oògùn ààbò kan tí ó fi ń lé kòkòrò àti àrùn lọ. Orúkọ èyí tí a mọ̀ jù nínú rẹ̀ ni sólánììnì. Nínú ẹran-ara pòtétò tí ó dára, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wà, kò sì lè ṣe wá ní nǹkan. Inú èèpo àti abẹ́ èèpo ni ó pọ̀ sí, ó pọ̀ sí i ní ojú rẹ̀ níbi tí ẹ̀hù ti ń yọ, ó sì pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀hù fúnra rẹ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń tàn sí pòtétò, bóyá oòrùn ọjà ni tàbí iná mànàmáná inú ṣọ́ọ̀bù, ohun méjì ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́, ó máa ń mú àwọ̀ ewé jáde, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀fọ́. Ìkejì, sólánììnì rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Àwọ̀ ewé yẹn kọ́ ni májèlé o. Ó dà bí èéfín tí a rí lókè ilé: èéfín kọ́ ni ń jó ilé, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé iná wà nísàlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé sólánììnì lè pọ̀ nínú pòtétò tí wọ́n ti gún lára, tàbí èyí tí ó ti pẹ́ tí ó sì ti hù nínú òkùnkùn, láìsí àwọ̀ ewé kankan. Nítorí náà ojú nìkan kò tó, a ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì fi ẹnu mọ̀ ọ́n.

3. Ṣé iná kò ní pa á?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. A ti mọ̀ pé iná ń pa kòkòrò àrùn, a sì rò pé bí a bá se nǹkan pẹ́, ewu rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n sólánììnì kì í ṣe kòkòrò tí ó ní ẹ̀mí. Omi tí ń hó kò ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n ooru ti Sẹ́ẹ̀síọ́ọ̀sì, òróró tí a fi ń dín nǹkan sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 170 sí 180. Ooru tí ó lè tú sólánììnì ká ju 200 lọ dáadáa. Nítorí náà bí a sè é, bí a dín in, bí a sun ún, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe iná.

4. Ìṣirò kan

Ní ọdún 2020, àjọ tí ń ṣọ́ ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé ìwọ̀n tí ó kéré jù tí a ti rí i pé ó ń da ènìyàn láàmú ni mílígíráàmù 1 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ìwúwo ara. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe ìṣirò.

Ọmọ tí ó wúwo tó kílógíráàmù 20, mílígíráàmù 20 lè bẹ̀rẹ̀ sí dà á láàmú. Baba rẹ̀ tí ó wúwo tó 70, ó di 70. Kí a sọ pé a fún ọmọ náà ní gíráàmù 300 pòtétò tí ó dára, tí a ti bó, tí sólánììnì inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 30 nínú kílógíráàmù kan. Ohun tí ó jẹ kò ju mílígíráàmù 9 lọ, kò sí ewu.

Kí a wá sọ pé pòtétò aláwọ̀ ewé ni, tí tirẹ̀ jẹ́ 250 nínú kílógíráàmù kan. Gíráàmù 200 péré ti gbé mílígíráàmù 50 wọlé sí i. Èyí ti kọjá ààlà ọmọ ju ìlọ́po méjì lọ, kò sì tíì dé ààlà baba. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé fi lè jẹun nínú ìkòkò kan, kí àgbà má mọ nǹkan kan lára, kí ọmọ sì máa bì. Ẹ̀hù ló tún burú jù: kílógíráàmù rẹ̀ kan lè ní 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé gíráàmù 10 ẹ̀hù tó láti mú ọmọ náà dé ààlà.

5. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé kan ní London

Ní ọdún 1979, àwọn dókítà gbé ìròyìn kan jáde nípa àwọn ọmọkùnrin 78 tí wọ́n ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ pòtétò ní oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé. Wọ́n gba 17 nínú wọn sí ilé-ìwòsàn. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti inú rírun ni ó ń ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mìíràn sì dàrú. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, wákàtí púpọ̀ ti kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Àpò pòtétò tí ó ṣẹ́kù láti sáà ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n fura sí. Gbogbo wọn ni ara wọn yá. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná fún èrò púpọ̀ níbi wòlíìmọ́ tàbí ìsọmọlórúkọ, ẹ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n: àpò tí ó ṣẹ́kù láti ìnáwó tó kọjá, ẹ tú u yẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e kaná.

6. Bí a ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò

Kí a gbé pòtétò sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí a fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, kí a sì mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(a) Bí ó bá le dáadáa, tí ẹ̀hù rẹ̀ ṣì kéré bí orí ìṣáná, tí kò sí àwọ̀ ewé: kí a fi ẹnu ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ̀hù náà pẹ̀lú ojú rẹ̀ jáde, kí a bó èèpo, kí a sè é.

(b) Bí àwọ̀ ewé bá wà ní ojú kan ṣoṣo, tí kò sì wọnú: kí a gé ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú ẹran-ara tí ó yí i ká, ó kéré tán ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí a sì bó ìyókù kí èèpo rẹ̀ nípọn. Bí àwọ̀ ewé bá ṣì hàn, kí a tún gé e.

(d) Bí àwọ̀ ewé bá ti gba ibi púpọ̀, tàbí ẹ̀hù ti gùn, tàbí ara rẹ̀ ti hunjọ tí ó sì rọ̀ lọ́wọ́: kí a sọ ọ́ nù. Kí a má ṣe dà á fún ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, nítorí ó ń ṣe àwọn náà ní jàǹbá.

(e) Bí a bá sè é tán tí ó korò, tàbí tí ó ń ta ọ̀fun: kí a tu ú dànù, kí a má fi ata tàbí iyọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kí a má sì fi agbára mú ọmọ tí ó bá sọ pé ó korò láti jẹ ẹ́ tán.

Omi tí a fi sè é, kí a dà á nù. Fún ìtọ́jú, ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ó tutù díẹ̀, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí, nínú agbọ̀n tàbí àpò tí a fi nǹkan bò, kì í ṣe nínú ọ̀rá tí a so lẹ́nu pa. Kí a ra ìwọ̀nba tí a lè jẹ tán láìpẹ́. Ní ọjà, kí a bẹ oníṣòwò kí ó bu tiwa láti inú àpò, kì í ṣe láti orí àtẹ tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀.

7. Bí ẹnì kan bá ti jẹ ẹ́

Inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, orí fífọ́ àti òòyì ni àmì rẹ̀. Ó lè dé láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè di ọjọ́ kejì. Nítorí pé ó jọ ibà, àwọn òbí lè sáré lọ ra oògùn ibà. Kí a fún aláìsàn ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ní díẹ̀díẹ̀, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí èébì kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó ń sùn ní ọ̀nà tí kò yé wa, ilé-ìwòsàn ló kàn. Kí a sọ ohun tí ó jẹ fún dókítà, kí a sì mú pòtétò tí ó ṣẹ́kù dání.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀hù iṣu àti ẹ̀hù ọ̀dùnkún òyìnbó?
2. Àwọ̀ ewé kọ́ ni májèlé. Kí ló dé tí a fi ń bẹ̀rù rẹ̀?
3. Ọmọ kan wúwo tó kílógíráàmù 25. Ó jẹ gíráàmù 150 pòtétò tí ó ní mílígíráàmù 200 nínú kílógíráàmù kan. Ṣé ó ti kọjá ààlà? Ẹ fi ìṣirò hàn.
4. Kí ló dé tí dídín kò fi lè gbà wá lọ́wọ́ sólánììnì?