Àgbò Iléyá: Èló Ni Kílò Kan Ná Yín?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń so àgbò mọ́ ẹ̀yìnkùlé ní Máfolúkù, Ṣógúnlẹ̀ àti Òkè-Àfà, owó tí wọ́n rà á àti owó tí wọ́n tà á nìkan ni wọ́n máa ń rántí bí Iléyá bá kọjá. Èèrí tí wọ́n ń rà díẹ̀díẹ̀ kì í sí nínú ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ta àgbò lówó gọbọi kó má sì rí èrè kankan dì mú. Ẹ ṣírò owó tí ẹran ara mú wá lọ́tọ̀, kí ẹ ṣírò èyí tí ọjà ọdún mú wá lọ́tọ̀.

Téèpù télọ̀ ti tó fún ìwọ̀n. Láàárọ̀, kí àgbò tó jẹun, ẹ yí téèpù ká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ láti góńgó èjìká dé ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ìyípo àyà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 10,840 pín in. Iye kílò tí ẹ bá rí kò ní jìnnà sí òótọ́. Tí ikùn bá kún, téèpù á tàn yín.

Ká ní àgbò Yánkásà kan wọlé pẹ̀lú àyà 75 àti gígùn 65. Bíi kílò 34 nìyẹn. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọjọ́, àyà di 82, gígùn di 67: bíi kílò 42. Ó fi kílò mẹ́jọ sanra. Bó bá ń jẹ kílò kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀ lójúmọ́ (1.4), ó ti jẹ kílò 112. Ká fi kílò oúnjẹ sí ₦300. Ẹ fi iye tọ́jà yín rọ́pò rẹ̀. ₦33,600 ni oúnjẹ, tó túmọ̀ sí pé kílò ẹran kọ̀ọ̀kan tó kún un ná yín ní ₦4,200.

Bí ẹ bá rà á ní ₦180,000, kílò kan jẹ́ bíi ₦5,300 lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Kílò mẹ́jọ yẹn á tó ₦42,400. Ẹ yọ oúnjẹ kúrò, ẹ yọ ₦11,000 fún oògùn àti ọkọ̀: ẹ ti jẹ gbèsè ₦2,200. Àfi bí ọjà ọdún bá gbé kílò kan dé ₦6,500 ni èrè á fi tó ₦48,000. Ọjà ló mú gbogbo rẹ̀ wá. Ẹran ara kàn san owó oúnjẹ ara rẹ̀ ni. Bí àgbò yẹn bá fi kílò mẹ́rin péré sanra lórí oúnjẹ kan náà, kílò kan á ná yín ní ₦8,400. Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Èyí tí kò sanra lóṣù àkọ́kọ́, ẹ fún un lóògùn aràn, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá yí padà, ẹ tà á.

Ohun tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù ni ìkánjú. Àgbò tó ti ọ̀nà jíjìn dé ọjà Kárà, koríko ló mọ̀. Bí ẹ bá da èèrí lé e lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ á kan, á ya ìgbẹ́ gbuuru, á sì kọ oúnjẹ. Fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, ewé ẹ̀pà gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀wà ni kó pọ̀ jù, kí ẹ máa fi èèrí kún un ní ẹ̀kúnwọ́, títí yóò fi dé ìdajì oúnjẹ rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ sá a kó gbẹ.

Ẹ má sì sọ èèrí di oúnjẹ kan ṣoṣo, pàápàá èèrí wíìtì. Ó máa ń di òkúta sínú ọ̀nà ìtọ̀ akọ. Bí àgbò bá ń tiraka láti tọ̀ tó ń kán tótó, tó ń fi ẹsẹ̀ ta ikùn, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà, torí àpò ìtọ̀ lè bẹ́. Iyọ̀, omi mímọ́ nígbà gbogbo, àti òkúta ẹfun lílọ̀ díẹ̀ lára èèrí ni ààbò rẹ̀.

Iléyá ń sún síwájú ní bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún: 16 oṣù Kẹfà ni lọ́dún 2024, 6 oṣù Kẹfà lọ́dún 2025. Ìgbà tí a ó máa ra àgbò wá ń bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé gbígbẹ wọ́n. Ẹ ra ewé yẹn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wa ẹ̀pà. Òjò náà á sì ti dé kí ẹ tó tà á, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànáàlì Òkè-Àfà á rin gbindin, pátákò á sì jẹrà. Àgbò tó ń tiro kò yẹ fún pípa Iléyá, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó fọ́jú tàbí tó rù kan egungun. Oníbàárà á mú un rìn kó tó náwó. Ẹ tẹ́ pákó tó ní àlàfo sábẹ́ rẹ̀, kí ìtọ̀ àti omi lè máa ṣàn lọ.