Ìlà Méjì Lórí Káàdì Ọmọ Tí Orí Rẹ̀ Pé, Tó Sì Ń Da Kíláàsì Rú

Ìlà méjì péré ni wọ́n sábà máa ń fà sí ìsàlẹ̀ káàdì èsì ìdánwò fún ọ̀rọ̀ olùkọ́ kíláàsì. Bí táàmù bá ń parí lọ, tí káàdì sì kún orí tábìlì, èyí tó máa ń pẹ́ jù lọ́wọ́ olùkọ́ ni ti ọmọ tí orí rẹ̀ pé tí kò sì jẹ́ kí àwọn tó kù ráyè kàwé. Bí olùkọ́ bá yìn ín nìkan, ó ti fi òótọ́ pamọ́ fún òbí. Bí ó bá sì bú u nìkan, kò ṣe ẹ̀tọ́ fún ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tẹ púpọ̀ nínú àwọn káàdì náà, àmọ́ Yorùbá ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ìlà méjì yẹn fún ìyá tó wá gba káàdì, Yorùbá náà ni ọmọ sì fi ń gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè é. Yorùbá ìlà méjì yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ká pe ọmọ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ní Lágbájá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó wà ní pírámárì kẹrin. Nínú ìṣirò, ó gba 37 nínú 40 fún iṣẹ́ àárín táàmù, ó gba 56 nínú 60 nínú ìdánwò, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 93. Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ nìyí: “Lágbájá mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n aláriwo ọmọ ni. Oníjàngbọ̀n ni, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ bá a wí.”

Olùkọ́ náà kò parọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Síbẹ̀, kò sí ohun kan tí òbí lè rí mú nínú gbólóhùn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí olùkọ́ ọdún tó ń bọ̀ lè fi ṣe iṣẹ́.

Ẹ wo aláriwo àti oníjàngbọ̀n. Oní- tó bẹ̀rẹ̀ wọn, tó máa ń yí padà di alá-, ẹlẹ́- tàbí ọlọ́-, ohun ìní ló ń tọ́ka sí. Aláṣọ ló ni aṣọ, onílé ló ni ilé. Nígbà tí a bá pe ọmọ ní aláriwo, a ti sọ ariwo di ohun ìní rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ kò ní àná, kò ní òní. Kò sọ pé àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán, nínú ìṣirò ni tàbí nínú orin kíkọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló máa ń jẹ́ kí a béèrè pé nígbà wo, níbo, àti kí ló fà á. Bí mo bá sọ pé ọmọ pariwo, ẹ lè bi mí pé ìgbà wo ni. Bí mo bá ní aláriwo ni, ìbéèrè ti parí. Orúkọ yẹn ni olùkọ́ pírámárì karùn-ún yóò sì kọ́kọ́ kà kí ó tó rí ojú ọmọ náà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó le ju ìwọ̀nyí lọ. Àbíìkọ́ ni ọmọ tí wọ́n bí tí wọn kò kọ́, òbí ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Àkọ́ìgbà ni èyí tí wọ́n kọ́ tí kò gbà, ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ẹ̀bi rù. Kò sí olùkọ́ tí yóò kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì sórí káàdì, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó fi òwe kọ ohun kan náà. Wọ́n á ní, “Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde,” tàbí “Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.” Òwe gidi ni méjèèjì, wọ́n sì dùn létí nígbà tí àgbà bá ń gba òbí nímọ̀ràn ní yàrá. Lórí káàdì, ohun tí ìyá ọmọ máa gbọ́ ni pé, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ìyá tó bá ti gbọ́ ìyẹn kò ní béèrè ohun tí a lè jọ ṣe ní táàmù tó ń bọ̀. Ẹ̀bi ni yóò máa gbé kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

“Ó ń da kíláàsì rú” dà bíi pé ó sàn jù, torí pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà ṣe? Òbí kan lè rò pé ìjà ló ń jà, òmíràn lè rò pé ó bú olùkọ́. Èdè wa kò sì tálákà níbí. Ọmọ tó ń já lu ọ̀rọ̀ ni èyí tí kì í jẹ́ kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ tó ń gba ìdáhùn mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ni èyí tó dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi ẹlòmíràn. Ọmọ tó ń yájú sí olùkọ́ yàtọ̀ pátápátá sí méjèèjì, ọ̀rọ̀ àfojúdi ni ìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún “ó máa ń dá olùkọ́ lóhùn,” torí pé ìyìn ni létí ẹnì kan, ẹ̀sùn ni létí ẹlòmíràn. Bí ọmọ bá ń fèsì àìbọ̀wọ̀, kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń dáhùn kí wọ́n tó pè é, kí ó sọ ìyẹn.

Láti mọ èyí tí yóò kọ, olùkọ́ ní láti ti ṣe àkọsílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ káàdì tó dé. Kò gba ju ẹ̀yìn ìwé ètò ẹ̀kọ́ lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ohun tó ń lọ kí ó tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an. Ìlà kan tó fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìgbà mọ́kànlá ni ti Lágbájá. Nínú mẹ́jọ, ó ti parí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sójú pátákó nígbà tí àwọn tó kù wà ní ìdajì, ó wá dìde, ó ń lọ láti ìjókòó kan sí òmíràn, ó ń sọ ìdáhùn fún wọn. Nínú mẹ́ta, olùkọ́ ju ìbéèrè sí gbogbo kíláàsì, Lágbájá sì kígbe ìdáhùn láìnawọ́. Nínú ìwé kíkà, kò sí ẹyọ kan.

Àkọsílẹ̀ yìí ti pa “kì í jókòó jẹ́ẹ́” rẹ́. “Kì í” ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹni, ọmọ yìí sì jókòó jẹ́ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà dé òpin rẹ̀. Gbólóhùn náà kò tọ́, ọmọ náà sì mọ̀ pé kò tọ́. Bákan náà ni “máa ń”: bí a kò bá fi ààlà sí i, ojoojúmọ́ ni olùkà yóò kà á sí. Ohun tó máa ń fi ààlà sí i jù lọ ni “bí ó bá ti.” Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ náà: “Ó máa ń dìde káàkiri.” “Bí ó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń dìde lọ sọ ìdáhùn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.” Ìkejì sọ ìgbà, ó sọ ìṣe, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àtúnṣe fún wa: ọmọ yìí kò rí nǹkan ṣe mọ́, kí a fún un ní iṣẹ́ kejì.

Nígbà tí a dé ibí yìí, “ṣùgbọ́n” kò wúlò mọ́. “Ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n…” ni gbogbo òbí ti mọ̀. Etí wọn á fò kọjá ìyìn, wọ́n á máa dúró de ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀ràn Lágbájá, ìyìn àti ẹ̀sùn kò tako ara wọn rárá. Yíyá tí ọwọ́ rẹ̀ yá ló bí dídìde rẹ̀. Kí gbólóhùn kejì kàn tẹ̀lé èkíní. Ẹ má sì fi ìyìn náà sílẹ̀ ní “ó mọ̀wé.” Kò sàn ju “aláriwo” lọ, torí pé òun náà kò sọ ohun tí ọmọ ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni “ẹ bá a wí.” Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹgba ni ìtumọ̀ ìbáwí, alẹ́ ọjọ́ tí káàdì bá délé ni wọ́n sì máa nà án. A ó wá na ọmọ tó gba 93 nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí olùkọ́ kọ láìronú ẹgba rárá. Ohun tí a bá fẹ́ kí òbí ṣe, kí a dárúkọ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe nílé.

Èyí ni mo rò pé ó yẹ káàdì Lágbájá: “Lágbájá máa ń tètè yanjú ìṣirò, ó sì lè ṣàlàyé bí ó ṣe rí ìdáhùn. Bí ó bá ti parí, ó máa ń dìde lọ sọ ìdáhùn fún àwọn tó ṣì ń ṣe tiwọn lọ́wọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tí a ti ń fún un ní iṣẹ́ kejì, èyí ti dín kù. Ó kù kí ó máa nawọ́ kí ó tó dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, nílé, ẹ jẹ́ kí ó máa dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán kí ó tó sọ tirẹ̀.”

“Ó kù kí” ni mo lò, n kò kọ “ó nílò ìmúdára,” tí kò sí ìyá tó ń sọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀. Bí ìlà méjì kò bá gba gbogbo rẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe yọ gbólóhùn kejì àti ìkẹta, kí ó kọ ìyókù sí ìwé pélébé kan tí yóò fi sínú káàdì. Gbólóhùn nípa iṣẹ́ kejì kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ àfi bí wọ́n bá fún ọmọ ní iṣẹ́ náà lóòótọ́. Kò sí orúkọ ọmọ mìíràn níbẹ̀, kò sí “kò dà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀,” kò sí àbá pé bóyá nǹkan ń ṣe ọpọlọ rẹ̀; dókítà ló lè sọ ìyẹn.

Kí olùkọ́ tún wo àpótí ìwà tó wà lókè ìlà náà, níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní máàkì láti 1 dé 5. Bí ó bá ti fún Lágbájá ní 5 fún ìfarabalẹ̀, òbí yóò béèrè èwo ni òótọ́. Bí ó bá sì fún un ní 1, àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn yóò ta kò ó, torí pé ọmọ náà fara balẹ̀ nínú ìwé kíkà. Mo rò pé 3 ni. Kí ó sì ti ránṣẹ́ pe òbí kí káàdì tó jáde, kí ó fi ẹ̀yìn ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà hàn wọ́n, ìgbà mọ́kànlá náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.